Ímeèlì Tó Yẹ Kó Ṣáájú Iṣẹ́: Bí Ayàwòrán àti Oníbàárà Ṣe Ń Fẹnu Kò Lórí Fódà àti Orúkọ Fáìlì

Ẹ ṣí fóònù oníṣòwò tó ti gbé iṣẹ́ fún ayàwòrán orí kọ̀ǹpútà rí, kò ní pẹ́ tí ẹ fi máa bá irú orúkọ báyìí pàdé:

```
logo final.pdf
logo final 2.pdf
logo FINAL FINAL.pdf
logo final (1).pdf
```

Gbogbo wọn ló ń sọ pé àwọn ni ìkẹyìn. Nọ́ńbà fóònù àtijọ́ ló wà nínú ọ̀kan. Àṣìkọ wà nínú òmíràn. Ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ní kó fi fáìlì ránṣẹ́ sí atẹ̀wé ní Ṣómólú kò lè mọ ìyàtọ̀. Èyí tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lójú ló máa fi ránṣẹ́. Tí ẹ̀rọ bá sì ti tẹ ẹgbẹ̀rún kan lébẹ́ẹ̀lì tán, owó bébà àti owó yíǹkì ti lọ nìyẹn.

Ayàwòrán tó bá ti rí irú ìjàǹbá yìí lẹ́ẹ̀kan kì í tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láì kọ ímeèlì kan. Ímeèlì náà kì í gùn. Ohun méjì ló máa ń wà nínú rẹ̀: ibi tí fáìlì á máa gbé, àti orúkọ tí fáìlì á máa jẹ́. Ẹni tó dá dúró, tí kò sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ kankan, ló nílò rẹ̀ jù. Ní ilé iṣẹ́ ńlá, ẹnìkan lè wà tó jẹ́ pé títọ́jú fáìlì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Òun àti oníbàárà rẹ̀ ni.

Ká fi iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ìyá kan ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì wà ní Houston tó ń bá a ta díẹ̀ lọ́hùn-ún. Wọ́n gbé iṣẹ́ mẹ́ta fún ọ̀dọ́mọkùnrin ayàwòrán kan ní Ìbàdàn: lógò, lébẹ́ẹ̀lì bébà tí wọ́n máa so mọ́ aṣọ, àti ìwé pẹlẹbẹ tó máa fi bátànì aṣọ méjìlá han àwọn tó fẹ́ rà. Owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọlé lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 2025. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó fa ìlà kankan, ó kọ ímeèlì yìí sí ìyá náà, ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ wọn:

> Kókó ọ̀rọ̀: Ibi tí a ó máa kó fáìlì iṣẹ́ yín sí (mo ń retí èsì yín kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì)
>
> Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ ṣeun, mo ti rí owó lánàá. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ ká jọ fẹnu kò lórí ibi tí a ó máa kó fáìlì sí, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má baà fi èyí tí kì í ṣe òun fún atẹ̀wé.
>
> Mo ti ṣí fódà kan fún iṣẹ́ yín lórí Google Drive. Márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́ta péré ló kàn yín. 02 ni kí ẹ máa kó fọ́tò àti ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ní sí. 04 ni ẹ ó ti máa rí ohun tí mo bá fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò. 05 ni èyí tí ẹ bá ti fọwọ́ sí máa wà. Ohun tí ẹ bá bá ní 05 nìkan ni kí ẹ fún atẹ̀wé.
>
> Èmi ni mo máa sọ gbogbo fáìlì lórúkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí orúkọ kankan padà, ẹ má sì da ara yín láàmú lórí orúkọ fọ́tò tí ẹ bá fi ránṣẹ́.
>
> Tí iṣẹ́ kan bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kọ "Mo fọwọ́ sí i" sínú ímeèlì, kí ẹ sì kọ orúkọ fáìlì náà tẹ̀ lé e. Ìgbà yẹn ni mo máa gbé e sí 05.
>
> Tí ẹ bá ti ní ètò tiyín nílẹ̀, ẹ sọ fún mi, tiyín la ó tẹ̀ lé. Tí n kò bá gbọ́ nǹkan kan títí di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 7 oṣù Kẹta, mo máa fi èyí bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣeun mà.

Ohun tó wà nísàlẹ̀ ímeèlì náà ni líǹkì fódà, àti àwòrán bí inú rẹ̀ ṣe rí:

```
2025-03_itoku/
  01_adehun/
  02_lati-odo-yin/
  03_ise-lowo/
  04_fun-ayewo/
  05_ti-e-fowosi/
```

Ó tán. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ímeèlì kékeré yìí fi ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo bó ṣe pín ẹrù. Ìyá aláàdìrẹ kò ní àyè láti kọ́ òfin fífi orúkọ sọ fáìlì. Ọjà ló wà, aṣọ ń bẹ nínú aró, àwọn oníbàárà wà níwájú rẹ̀. Ayàwòrán tó bá kọ ojú ìwé mẹ́ta nípa ìlà ìsàlẹ̀ àti lẹ́tà kékeré, tó ní kí oníbàárà tẹ̀ lé e, kò tíì ní ṣe ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí gbogbo rẹ̀ fi máa fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí náà ló ṣe gbé òfin orúkọ lé ara rẹ̀ lórí. Ohun tó ní kí ìyá rántí ò ju nọ́ńbà mẹ́ta lọ: 02, 04, 05.

Nọ́ńbà tó ṣáájú orúkọ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Kọ̀ǹpútà máa ń to fódà ní ìlànà ábídí, tí kò bá sì sí nọ́ńbà, `adehun` á ṣáájú, `fun-ayewo` á tẹ̀ lé e, `ti-e-fowosi` á sì gbẹ̀yìn, láìka bí iṣẹ́ ṣe ń lọ sí. Pẹ̀lú nọ́ńbà, iṣẹ́ ń ti òkè ṣàn wá sísàlẹ̀: àdéhùn, ohun tó wọlé, ohun tó ń lọ lọ́wọ́, ohun tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, ohun tó parí.

Ohun kan tí kò hàn nínú ímeèlì náà ni ẹ̀tọ́ tó fún oníbàárà lórí fódà kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán ti máa ń ṣubú. Ní Google Drive, ẹ̀tọ́ tí èèyàn bá ní lórí fódà ńlá ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ sórí àwọn tó wà nínú rẹ̀. Tí ayàwòrán bá fún ìyá náà ní ipò `Editor` lórí `2025-03_itoku`, ó ti fún un lágbára láti yọ ohun tó wà ní 05 kúrò níbẹ̀ tàbí láti sọ ọ́ lórúkọ mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìka ló ṣì tẹ̀. Ọ̀nà tó dáa ni pé kó fún un ní `Viewer` lórí fódà ńlá, kó wá gbé ipò rẹ̀ sókè sí `Editor` lórí 02 nìkan. Báyìí, ó lè wo gbogbo rẹ̀, ibi tó ti ń kó nǹkan sí nìkan ló sì lè fọwọ́ kàn.

Orúkọ fáìlì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Lébẹ́ẹ̀lì tí ayàwòrán gbé sí 04 ní ọ̀sẹ̀ kejì jẹ́ báyìí:

```
itoku_lebeeli_2025-03-11_eda02.pdf
```

Oníbàárà, iṣẹ́, ọjọ́, ẹ̀dà. Ìlà ìsàlẹ̀ ló ya apá kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kò sì sí àlàfo kankan láàárín. Ọjọ́ wà níbẹ̀ nítorí ẹni tó sọ pé "èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn." Nọ́ńbà ẹ̀dà wà níbẹ̀ nítorí orí fóònù: ó rọrùn láti sọ pé "ẹ̀dà kejì" ju kéèyàn máa ka gbogbo orúkọ lọ. Nọ́ńbà náà kì í padà sí ọ̀kan, bí ọjọ́ ṣe wù kó yí tó. Kò sì sí ọ̀rọ̀ "final" níbì kankan, nítorí ayàwòrán kọ́ ló máa sọ pé iṣẹ́ ti parí. Oníbàárà ló ni ọ̀rọ̀ yẹn, fódà 05 ló sì máa ń sọ ọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọdún wá sí oṣù wá sí ọjọ́ ní ìdí méjì. Èkíní ni pé àjọ tó ń ṣètò ìwọ̀n àgbáyé, ISO, ti fi irú kíkọ bẹ́ẹ̀ lélẹ̀ láti ọdún 1988, nínú ìlànà tí wọ́n pè ní ISO 8601, àǹfààní rẹ̀ sì ni pé tí kọ̀ǹpútà bá tò ó ní ìlànà ábídí, ó ti tò ó bí ọjọ́ ṣe tẹ̀ léra nìyẹn. Èkejì kan ìyá àti ọmọ gan-an. Ọjọ́ tí ayàwòrán kọ ímeèlì, tí ó bá kọ ọ́ bí a ṣe ń kọ ọ́ nílé, 04/03/2025 ni. Ìyá ní Abẹ́òkúta á kà á sí ọjọ́ 4 oṣù Kẹta. Ọmọ tó ti pẹ́ ní Houston á kà á sí ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin, nítorí oṣù ni wọ́n ń kọ ṣáájú níbẹ̀. `2025-03-04` kò lè da ẹnì kankan rú.

Òdo tó wà nínú `eda02` náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Fèrèsé fáìlì ti Windows gbọ́n tó láti mọ̀ pé 2 ṣáájú 10, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ibòmíràn tí fáìlì máa ń gbà kọjá ń fi àmì kọ̀ọ̀kan wé àmì kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀, `eda10` á fò ṣáájú `eda2`, nítorí 1 ṣáájú 2. Ẹni tó bá ń wo èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó rò pé òun ni tuntun, á mú `eda9` nígbà tí `eda12` ti wà lókè. Ìwé pẹlẹbẹ oníbátànì méjìlá lè dé ẹ̀dà kẹwàá láìṣe wàhálà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti di ti ọmọ Yorùbá pátápátá ni ti àmì. Kí ló dé tí ayàwòrán kò kọ `ẹ̀dà` àti `lébẹ́ẹ̀lì` bó ṣe yẹ kí wọ́n rí? Ó dun èèyàn láti kọ èdè rẹ̀ láìsí àmì, ẹni tó bá sì nífẹ̀ẹ́ èdè náà kò ní ṣe é láìnídìí. Ìdí náà rèé. Nínú ètò Unicode tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà, ẹ ní nọ́ńbà kan tó jẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́, ìyẹn ẹ tó ní àmì òkè, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Kíkó ni wọ́n ń kó o pọ̀. Èèyàn lè kọ ẹ kó fi àmì òkè lé e. Ó lè kọ é kó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Ó sì lè mú e lásán kó fi àmì méjèèjì kún un. Lójú wa, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Fódà kan lè wá ní fáìlì méjì tí orúkọ wọn jọra délẹ̀délẹ̀, tí ẹni tó ń wá ọ̀kan á sì máa rí èkejì, tàbí kí ó má rí ìkankan.

Tí fáìlì bá tún wá gba inú líǹkì kọjá, ọ̀rọ̀ á burú sí i. Lẹ́tà ọ nìkan, nínú líǹkì, lè yọ jáde báyìí:

```
%E1%BB%8D
```

Nítorí náà, inú iṣẹ́ ni àmì máa ń wà, kì í ṣe nínú orúkọ fáìlì. Lórí lébẹ́ẹ̀lì, Àdìrẹ gbọ́dọ̀ ní gbogbo àmì tó tọ́ sí i. Lórí orúkọ fáìlì, `adire` tó. Ṣùgbọ́n èyí bí ìṣòro mìíràn tí ayàwòrán tó gbọ́ Yorùbá nìkan ló máa tètè rí. Tí kò bá sí àmì, `awo` lè jẹ́ àwọ̀ aṣọ, ó lè jẹ́ àwo oúnjẹ, ó lè jẹ́ awọ ẹran. Ayàwòrán tó fi `awo_01.jpg` pamọ́ lónìí lè má mọ ohun tó ń sọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ tí kò ní ìkejì ni kó yàn. Fún fọ́tò aṣọ, orúkọ bátànì dára jù: `olokun_01`, `ibadandun_01`. Kò sí aláàdìrẹ tó máa gbọ́ Ìbàdàn Dùn kó béèrè pé èwo nìyẹn.

Fọ́tò ni a ó fi wo bí fódà 02 ṣe ń rí lójú iṣẹ́. Ìyá náà ya àwòrán aṣọ pẹ̀lú fóònù, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń fi ti ìgbéyàwó ránṣẹ́. Ohun tó dé ọwọ́ ayàwòrán jẹ́ `IMG-20250306-WA0012.jpg`. Ọjọ́ tó wà nínú orúkọ yẹn kò fi hàn pé ọjọ́ náà ni wọ́n ya aṣọ, kò sì sọ aṣọ tó jẹ́. Èyí tó tún burú jù ni pé WhatsApp ti dín fọ́tò náà kù kí ó tó débẹ̀. Láti tẹ àwòrán kún ìbú bébà A4 kí ó sì dán dáadáa, èèyàn nílò nǹkan bíi 2,480 píksẹ́ẹ̀lì. Fọ́tò tó bá ti dín kù sí 1,600 kò lè ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàlá ààbọ̀ lọ lórí bébà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ohun tí ayàwòrán ṣe ni pé ó pè wọ́n, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, inú 02 ni kí ẹ gbé e sí tààrà, tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ bí ìwé, kì í ṣe bí fọ́tò." Fọ́tò tó tóbi dé lọ́jọ́ kejì. Ó fi àwọn tí ìyá fi ránṣẹ́ sílẹ̀ ní 02 bí wọ́n ṣe wà, ó da wọ́n kọ sí 03, ibẹ̀ ló ti wá sọ wọ́n lórúkọ.

Ìdí tó fi sọ wọ́n lórúkọ kó tó kó wọn sínú ìwé pẹlẹbẹ ṣe pàtàkì. InDesign, ẹ̀rọ tí púpọ̀ nínú àwọn ayàwòrán fi ń to ìwé, kì í gbé fọ́tò fúnra rẹ̀ sínú ojú ìwé. Ó kàn ń rántí ibi tí fọ́tò wà àti orúkọ rẹ̀ ni, á sì máa fi àwòrán fẹ́ẹ́rẹ́ kan hàn lójú ìwé. Bí ẹnikẹ́ni bá yí orúkọ fọ́tò padà, tàbí tó gbé e kúrò níbi tó wà, okùn ti já. Ẹ lè mọ̀ ọ́n nínú fèrèsé `Links`: àmì pupa oníbéèrè ń sọ pé fọ́tò ti sọnù, àmì onígun mẹ́ta aláwọ̀ ìyeyè ń sọ pé fọ́tò ti yí padà. Ewu ibẹ̀ ni pé ojú ìwé ṣì máa ń rí bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Tí ayàwòrán bá gbójú fo àmì pupa náà tó sì gbé PDF jáde, àwòrán fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló máa lọ sí ilé ìtẹ̀wé, aṣọ tó dán lórí kọ̀ǹpútà á sì jáde bí ohun tí wọ́n fi omi fọ̀ lójú. Ìdí nìyí tí ímeèlì fi ní kí ẹnì kankan má yí orúkọ padà.

Ìdánwò gidi dé ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Lọ́jọ́ 18, ìyá kọ̀wé pé: "Mo fọwọ́ sí i, `itoku_lebeeli_2025-03-18_eda04.pdf`." Ayàwòrán gbé e sí 05. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ tó wà ní Houston pe ìyá rẹ̀ pé nọ́ńbà fóònù ti yí padà. Ìyá pe ayàwòrán, ó ní kó tún un ṣe kíákíá, ọmọ iṣẹ́ máa lọ sí Ṣómólú lọ́jọ́ Ẹtì.

Ohun tí ayàwòrán tí kò ní ètò máa ṣe ni pé á ṣí èyí tó wà ní 05, á tún nọ́ńbà ṣe, á sì fi pamọ́ pẹ̀lú orúkọ kan náà. Ẹni tó bá ti gba eda04 sórí fóònù rẹ̀ láàná kò ní mọ̀ láéláé pé ti òun ti di àtijọ́. Ohun tí ẹni tiwa ṣe ni pé ó dá eda05, ó gbé e sí 04, ó sì ní kí ìyá kọ̀wé fọwọ́ sí i. Ìyá ní òun ti sọ ọ́ lórí fóònù. Ó fi sùúrù dáhùn pé: "Ẹ má bínú mà, nọ́ńbà ni, mo fẹ́ kí ojú yín rí i kí ó tó di títẹ̀." Ìyá wò ó. Nọ́ńbà kan ṣì wà tí wọ́n ti gbé síwájú ara wọn. Èyí tí wọ́n padà fọwọ́ sí ni eda06. Eda04 kúrò ní 05, ó padà sí 03, nínú fódà kan tó ń jẹ́ `atijo`. Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ ṣí 05 láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ohun tó bá níbẹ̀ rèé:

```
05_ti-e-fowosi/
  itoku_lebeeli_2025-03-20_eda06.pdf
  itoku_logo_2025-03-14_eda03.pdf
```

Lébẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Kò sí ohun tó máa yàn.

Ètò yìí ní ibi tó mọ. Fún ìwé ìkésíni kan ṣoṣo tí wọ́n máa parí lọ́jọ́ méjì, fódà márùn-ún ti pọ̀ jù. 02 àti 05 nìkan tó. Ní ìdàkejì, ayàwòrán tó bá ń da fódà sínú fódà sínú fódà máa pàdé ògiri: lórí Windows, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kò lè ka ọ̀nà fáìlì tó bá ju lẹ́tà 260 lọ, àpapọ̀ orúkọ gbogbo fódà tó wà lókè rẹ̀ ni wọ́n sì ń kà mọ́ ọn. Fódà kan nínú òmíràn, ó pọ̀ tán méjì, yẹ kó tó fún iṣẹ́ irú èyí. Windows kò sì gba àmì ìbéèrè, àmì ìràwọ̀ tàbí ìlà fífẹ̀yìntì nínú orúkọ, nítorí náà ẹni tó bá kọ 18/03 sínú orúkọ fáìlì ò ní lè fi pamọ́.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ayàwòrán lo `Package` nínú InDesign, èyí tó máa ń kó ìwé, fọ́tò inú rẹ̀ àti lẹ́tà tí wọ́n lò sójú kan. Ó fi í sí 03, nítorí àdéhùn tó wà ní 01 sọ pé PDF àti lógò ni oníbàárà ń gbà, tí wọ́n bá sì fẹ́ fáìlì àtilẹ̀wá, owó rẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Ó da 05 kọ sórí fúláàṣì kan fún ìyá, ó sì kọ ímeèlì ìkẹyìn pé líǹkì Google Drive á ṣì máa ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Ọmọ tó wà ní Houston ló fèsì: ó ti gba 05 sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ayàwòrán lè lo fódà irú rẹ̀ fún aṣọ òkè tí àwọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní oṣù Kẹfà.